Òrùlé Ń Jò: Ìbéèrè Táwọn Ayálégbé Máa Ń Béèrè Nípa Lẹ́tà Sí Lánlọ́ọ̀dù

Mo ti sọ fún lánlọ́ọ̀dù lẹ́nu, ṣé ó tún yẹ kí n kọ lẹ́tà?

Ó yẹ, kẹ́ ẹ sì tètè kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu dáa fún ọjọ́ àkọ́kọ́ tí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í kán, ẹ pè wọ́n kí wọ́n lè mọ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ò ní déètì lára. Tó bá wá di oṣù méjì sí i tí sílìn já lulẹ̀, onílé lè ní "ẹ ò sọ fún mi" tàbí "ṣebí díẹ̀ lẹ ní ó ń kán", ẹ ò sì ní nǹkan kan lọ́wọ́ tẹ́ ẹ máa fi hàn pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ṣe lọ.

Nǹkan míì tún wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Ní ibi púpọ̀, òfin ò ní sọ pé onílé kùnà àyàfi tó bá ti gbọ́ pé nǹkan bàjẹ́ tí kò sì tún un ṣe láàárín àkókò tó bójú mu. Láti ọjọ́ tí lẹ́tà yín bá dé ọwọ́ onílé ni wọ́n máa ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò yẹn. Ẹni tó bá ń fi lẹ́tà falẹ̀ torí pé ojú ń tì í, ara ẹ̀ ló ń fà sẹ́yìn.

Kí ló yẹ kó wà nínú lẹ́tà náà?

Déètì, orúkọ yín àti yàrá tẹ́ ẹ ń gbé, ibi tó ń jò gan-an, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ohun tó ti bàjẹ́ nítorí ẹ̀, ìgbà tẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ sọ fún wọn, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe, ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe é dà, àti àsìkò tí òṣìṣẹ́ lè ráyè wọlé. Ó tán. Ojú ìwé kan ti tó, tó bá ti ń di méjì, á jẹ́ pé ẹ ti ń rojọ́ nìyẹn.

Ẹ má kó ọ̀rọ̀ míì mọ́ ọn. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ omi lè ti bàjẹ́, kí ọ̀rọ̀ géètì náà sì wà nílẹ̀ látọdún tó kọjá, àmọ́ tẹ́ ẹ bá kó nǹkan márùn-ún sínú lẹ́tà kan, èyí tó rọrùn jù nínú ẹ̀ ni onílé máa tún ṣe, yóò sì ní òun ti dá yín lóhùn. Òrùlé nìkan ni kẹ́ ẹ sọ.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé òrùlé ló ń jò, pé kì í ṣe páìpù?

Ẹ wo àsìkò tó ń kán. Tó bá jẹ́ ìgbà òjò nìkan, tàbí wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn òjò, òrùlé tàbí gọ́tà ni. Tó bá ń kán nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, tó ń kán bákan náà ní gbogbo ìgbà, ẹ wo páìpù tàbí táǹkì tó wà lókè. Tó bá sì jẹ́ pé ara ògiri kàn ń tutù láàárọ̀, tí omi rọra tẹ́ sí i lára láìní ojú kan tó ti ń kán, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ilé ló ń di omi, ọ̀rọ̀ fèrèsé àti afẹ́fẹ́ nìyẹn. Àbàwọ́n tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí etí ẹ̀ dúdú ju àárín lọ, ń sọ fún yín pé ibẹ̀ ti tutù tó sì ti gbẹ lọ́pọ̀ ìgbà.

Nínú lẹ́tà, ohun tẹ́ ẹ rí ni kẹ́ ẹ kọ, ẹ má sọ ohun tó fà á. "Ó ń kán nígbà tí òjò bá ń rọ̀, kì í kán nígbà tí òjò ò bá rọ̀" ti tó. Ìdí ni pé omi máa ń rìn. Ó lè gba ojú ìṣó kan wọlé lókè, kó gba ara igi òrùlé lọ sí ibi tó jìnnà, kó tó wá kán sórí bẹ́ẹ̀dì yín. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ pé "páànù òkè bẹ́ẹ̀dì ti lu", òṣìṣẹ́ á lọ síbẹ̀ tààrà, á lẹ nǹkan mọ́ ibi tí kò jò, á gba owó ẹ̀, òjò tó ń bọ̀ á sì tún wọlé.

Báwo ni mo ṣe máa júwe ibẹ̀ kó lè yé ẹni tí kò sí nílé mi?

Ẹ fi ògiri méjì wọ̀n ọ́n. "Igun yàrá" ò tó, torí igun mẹ́rin ni yàrá ní. Ẹ sọ pé ó tó mítà kan sí ògiri fèrèsé, mítà kan àbọ̀ sí ògiri ẹnu ọ̀nà, ẹni tó máa gun òkè á lè fi wá ibẹ̀ látinú àjà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìwé kékeré kan síbì kan, tí òjò bá ti rọ̀, ẹ kọ déètì, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán, àti bí omi tẹ́ ẹ gbè ṣe pọ̀ tó.

Ìwé kékeré yìí wúlò ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Tí omi bá ń kán láìpẹ́ rárá lẹ́yìn tí òjò bẹ̀rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ojú ihò gbangba ló ń gbà wọlé. Tó bá jẹ́ pé òjò gbọ́dọ̀ pẹ́ kó tó kán, ó lè jẹ́ pé gọ́tà ló dí tí omi ń kún un padà sínú, tàbí pé omi ń dúró síbì kan lórí dẹ́ẹ̀kì. Tó bá sì jẹ́ òjò tó bá atẹ́gùn wá nìkan ló ń jò, ojú ibi tí òrùlé ti pàdé ògiri ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Òṣìṣẹ́ tó gbọ́ iṣẹ́ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Fọ́tò ńkọ́? Ẹ ya ọ̀kan láti ọ̀nà jíjìn kí wọ́n lè mọ yàrá tó jẹ́, kẹ́ ẹ ya ọ̀kan nítòsí, kẹ́ ẹ sì ṣe fídíò kékeré nígbà tó bá ń kán lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gun òrùlé lọ ya fọ́tò, òrùlé tó tutù máa ń yọ̀, páànù tó ti gbó sì lè wọlẹ̀ mọ́ èèyàn lẹ́sẹ̀.

Ẹ bá wa kọ àpẹẹrẹ kan.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé yàrá òkè ni, ó ti ń jò fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ayálégbé ti pe onílé lẹ́ẹ̀kan, onílé sì ti ṣèlérí. Bí mo ṣe máa kọ ọ́ nìyí:

> Ọjọ́ 5, oṣù Kẹfà
>
> Sí Bàbá onílé wa,
>
> Òrùlé tó ń jò sínú yàrá ìbùsùn ẹ̀yìn
>
> Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo kí yín àti gbogbo ará ilé.
>
> Òrùlé ń jò sínú yàrá ìbùsùn tó wà lẹ́yìn ní ilé òkè tí mò ń gbé. Ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún ni mo kọ́kọ́ rí i. Mo pè yín lọ́jọ́ kejì, ẹ sì ní ẹ máa rán káfíńtà wá. Káfíńtà ò tíì dé. Òjò ti rọ̀ ní ọjọ́ 24 àti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, ó tún rọ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù yìí, ó sì jò ní ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.
>
> Ibi tó ti ń kán tó mítà kan sí ògiri fèrèsé, ó sì tó mítà kan àbọ̀ sí ògiri ẹnu ọ̀nà. Omi máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kán ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 3, omi tó kán kún bọ́kẹ́ẹ̀tì kan kí òjò tó dá. Sílìn ibẹ̀ ti rọ̀, ó ti wú wá sísàlẹ̀, omi sì ti sún mọ́ ibi tí gílóòbù wà. A ti pa iná yàrá náà, a ò tàn án mọ́.
>
> Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ òrùlé wá yẹ̀ ẹ́ wò, ó pẹ́ tán ní ọjọ́ 8 oṣù yìí, nítorí ọ̀rọ̀ iná. Kí àtúnṣe òrùlé parí, ó pẹ́ tán ní ọjọ́ 19 oṣù yìí. Tí òrùlé bá ti dáa, sílìn tó ti rọ̀ náà á fẹ́ pípààrọ̀, kó má baà já lu èèyàn.
>
> Mo máa ń wà nílé láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lójoojúmọ́, mo sì máa ń wà nílé ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Tó bá jẹ́ àsìkò míì ló rọ òṣìṣẹ́ lọ́rùn, ẹ jẹ́ kí n mọ̀ ní ọjọ́ kan ṣáájú, màá wá ẹni tó máa ṣílẹ̀kùn. Mo fi fọ́tò mẹ́fà mọ́ lẹ́tà yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì ní kíkọ kí n lè mọ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀.
>
> Ẹ ṣeun, sà.
>
> (orúkọ, ìbuwọ́lù, nọ́ńbà fóònù)

Ẹ wò ó pé ọjọ́ méjì ló wà níbẹ̀, ọjọ́ yíyẹ̀wò àti ọjọ́ àtúnṣe. Ẹ tún wò ó pé sílìn ló kẹ́yìn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni, torí ọ̀pọ̀ onílé máa ń sáré pààrọ̀ sílìn, wọ́n á kùn ún ní ọ̀dà funfun, á dùn ún wò, òrùlé á sì wà bó ṣe wà.

Ọjọ́ mélòó ni kí n fún wọn?

Ó dá lórí ewu tó wà níbẹ̀. Tí omi bá ti dé ara iná tàbí tí sílìn ti ń wú, ọjọ́ kan sí mẹ́ta ni kẹ́ ẹ fún wọn láti wá wò ó, kí wọ́n sì fi nǹkan bò ó kí omi má wọlé mọ́. Tó bá jẹ́ pé ó kàn ń kán díẹ̀díẹ̀ sójú kan tí kò sí ewu, ọ̀sẹ̀ kan fún yíyẹ̀wò àti ọ̀sẹ̀ méjì fún àtúnṣe bójú mu. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ka ìwé àdéhùn ilé yín, torí àwọn kan ti kọ iye ọjọ́ síbẹ̀, òfin ibi tẹ́ ẹ wà náà sì lè ti sọ ọ́, èyí tó wà nínú ìwé lẹ máa tẹ̀ lé.

Ọjọ́ gidi ni kẹ́ ẹ kọ o. "Láìpẹ́", "ní kíákíá", "láàárín ọ̀sẹ̀ méjì", gbogbo ẹ̀ ló ṣeé jiyàn lé. Ọjọ́ 19 ò ṣeé jiyàn lé.

Àgbàlagbà ni onílé mi, báwo ni mo ṣe máa kọ ọ́ kó le láì rí wọn fín?

Inú ìkíni ni kẹ́ ẹ kó ọ̀wọ̀ sí, kẹ́ ẹ kó líle sínú ọjọ́. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ lo "ẹ" àti "sà" tàbí "mà" jálẹ̀, ẹ dúpẹ́ níparí. Láàárín ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí gbólóhùn yín ṣe ṣókí kó sì ṣe tààrà. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ kí àtúnṣe parí, ó pẹ́ tán ní ọjọ́ 19" ní ọ̀wọ̀ nínú, kò sì ṣeé yẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tó máa ń ba lẹ́tà jẹ́ ni ká máa rọ̀ ọ́ jù. "Ẹ má bínú pé mò ń yọ yín lẹ́nu", "tẹ́ ẹ bá ráyè", "bí agbára bá ṣe gbé e", irú ọ̀rọ̀ yìí ló ń sọ fún onílé pé ó lè dúró dìgbà míì. Ẹ ò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, ilé tiwọn lẹ ń bá wọn ṣọ́, igi òrùlé wọn ló sì ń jẹrà bí omi ṣe ń wọlé. Ẹ lè fi ìyẹn sí i ní gbólóhùn kan tẹ́ ẹ bá fẹ́, òótọ́ ni, ó sì máa ń wọ onílé létí.

Ní ìdàkejì ẹ̀wẹ̀, ẹ má kọ "ẹ̀yin lánlọ́ọ̀dù, bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe nìyẹn", ẹ má sì halẹ̀ kóótù nínú lẹ́tà àkọ́kọ́. Ẹ máa kọ ọ́ bíi pé ẹnì kẹta tí kò mọ̀ yín rí máa kà á lọ́jọ́ kan, torí ó lè rí bẹ́ẹ̀.

Ṣé mo lè fi Wásáàpù ránṣẹ́? Tó bá jẹ́ ẹ́jẹ́ńtì ló ń gba owó ilé ńkọ́?

Ẹ lè fi ránṣẹ́, àmọ́ kó jẹ́ lẹ́tà pátá ló lọ, kì í ṣe ohùn tẹ́ ẹ gbà sílẹ̀. Ohun tó dáa jù ni ọ̀nà méjì pa pọ̀: ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé méjì, ẹ fún wọn ní ọ̀kan, kí ẹni tó gbà á buwọ́ lu èkejì pẹ̀lú déètì, kẹ́ ẹ tún ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ lórí Wásáàpù tàbí ímeèlì. Tí wọn ò bá fẹ́ buwọ́ lù ú, ẹ má bá wọn jà, ẹ fi ránṣẹ́ nípa ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ́nà tó máa fún yín ní ríṣíìtì.

Tí ẹ́jẹ́ńtì bá wà láàárín, orúkọ onílé ni kẹ́ ẹ kọ sókè, kẹ́ ẹ fi "nípasẹ̀ ẹ́jẹ́ńtì" sí i. Tẹ́ ẹ bá ní nọ́ńbà onílé, ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí i tààrà.

Bí wọ́n bá pè yín lórí fóònù dípò kí wọ́n kọ̀wé, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, kẹ́ ẹ wá fi ọ̀rọ̀ kékeré ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀: "Ẹ ṣeun fún ìpè àárọ̀ yìí sà. Ẹ ní káfíńtà ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ láago mẹ́wàá, màá wà nílé." Ìlérí ẹnu ti di ìwé nìyẹn.

Kí ni kí n ṣe nínú ilé kí wọ́n tó dé?

Ẹ pa iná ibẹ̀ láti ojú síwíìṣì ńlá, ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì àti ẹrù kúrò lábẹ́ ẹ̀, ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì síbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn tàbí jókòó sábẹ́ sílìn tó ti wú, omi tó dúró sórí ẹ̀ wúwo gan-an, ó sì lè já láìsọ fún ẹnì kankan. Ẹ kọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ ṣe sílẹ̀, torí wọ́n lè bi yín lẹ́yìnwá ọ̀la bóyá ẹ kàn ń wò ó ni.

Ọjọ́ tí mo fún wọn ti kọjá, wọn ò sọ nǹkan kan.

Ẹ kọ lẹ́tà kejì lọ́jọ́ kejì, kó kúrú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ sọ ọjọ́ tí lẹ́tà àkọ́kọ́ dé ọwọ́ wọn, ẹ sọ pé ọjọ́ 19 ti kọjá, ẹ sọ iye ìgbà tí òjò ti wọlé sí i, kẹ́ ẹ fún wọn ní ọjọ́ tuntun tó sún mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀, ẹ sì fi ẹ̀dà lẹ́tà àkọ́kọ́ mọ́ ọn. Níbí lẹ ti lè wá sọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe tó bá tún kọjá, pé ẹ máa gbé e lọ sí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé tàbí kóótù tó ń gbọ́ ẹjọ́ ilé ní àdúgbò yín. Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe lóòótọ́ nìkan ni kẹ́ ẹ kọ.

Tí omi bá ń wọ yàrá àwọn ayálégbé míì náà, ẹ buwọ́ lu lẹ́tà kejì pa pọ̀. Àmọ́ kí kálukú kọ ibi tó ń jò ní yàrá tiẹ̀, kó má di pé onílé tún ti ẹnì kan ṣe kó ní òun ti ṣe gbogbo ẹ̀.

Onílé ní èmi ni mo ba òrùlé jẹ́.

Ẹ bi ara yín ní òótọ́ ọ̀rọ̀ ná: ṣé ẹnì kan gun òrùlé nítorí yín, bóyá ẹni tó wá ri díìṣì tẹlifíṣọ̀n mọ́ ọn tàbí tó wá gbé táǹkì sókè? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, tí ojú ibẹ̀ ló sì ń jò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa san owó ẹ̀, ó sàn kẹ́ ẹ tètè gbà á. Tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má bá wọn jiyàn lórí ohun tó fà á. Ẹ kọ̀wé pé ẹ ò gun òrùlé, ẹ ò rán ẹnikẹ́ni gùn ún, kẹ́ ẹ ní kí òṣìṣẹ́ tó wá yẹ̀ ẹ́ wò kọ ohun tó rí sílẹ̀ kó sì ya fọ́tò ẹ̀. Rọ́bà ìdí ìṣó tó ti gbó, páànù tó ti dípẹtà, símẹ́ǹtì etí ògiri tó ti là, ọjọ́ orí ló fa gbogbo ìyẹn, ó sì máa hàn nínú fọ́tò.

Wọ́n tún un ṣe, òjò rọ̀, ó tún jò.

Ó máa ń ṣẹlẹ̀ gan-an, pàápàá tó bá jẹ́ pé wọ́n kàn da kọ́tà sójú ibẹ̀. Kọ́tà máa ń sán tí oòrùn bá pa á pẹ́. Ẹ má kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ pé ó ti dáa ní ọjọ́ tí wọ́n kúrò lókè. Ohun tẹ́ ẹ máa kọ ni pé "òṣìṣẹ́ wá ní ọjọ́ 17, màá jẹ́ kẹ́ ẹ mọ bó ṣe rí lẹ́yìn òjò tó máa kọ́kọ́ rọ̀."

Tí òjò ò bá tètè rọ̀, òṣìṣẹ́ lè fi họ́ọ̀sì dán an wò: á bẹ̀rẹ̀ da omi láti ìsàlẹ̀ òrùlé, á máa gòkè díẹ̀díẹ̀, ẹnì kan á wà nínú ilé tó ń wo sílìn. Tó bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, gbogbo òrùlé á tutù lẹ́ẹ̀kan náà, wọn ò sì ní mọ ojú tó ń gbà wọlé. Tó bá tún jò, ẹ padà sí ìwé kékeré yín, kẹ́ ẹ kọ̀wé pé ojú kan náà ni tàbí ojú tuntun. Ojú kan náà túmọ̀ sí pé wọn ò tíì rí ihò gan-an.

Ṣé mo lè dá owó ilé dúró, tàbí kí n fi owó mi tún un ṣe kí n wá yọ ọ́?

Ẹ má dá owó ilé dúró láìjẹ́ pé ẹni tó mọ òfin ibi tẹ́ ẹ wà ti sọ pé ẹ lè ṣe é. Níbi púpọ̀, ìyẹn nìkan ti tó fún onílé láti ní kẹ́ ẹ jáde, ọ̀rọ̀ òrùlé tó jẹ́ tiyín á wá di ọ̀rọ̀ gbèsè.

Èkejì ṣeé ṣe níbòmíì, àmọ́ kí onílé kọ́kọ́ fọwọ́ sí i ní kíkọ. Ẹ gba iye owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ fi ránṣẹ́, ẹ kọ ọ́ pé: "Sà, mo ti rí i pé ọwọ́ yín dí. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ sí i, màá san owó òṣìṣẹ́ kejì yìí, ká sì yọ ọ́ nínú owó ilé tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi pé ẹ gbà." Tí wọn ò bá kọ ọ́, ẹ má fọwọ́ kan òrùlé. Yàtọ̀ sí owó, tí òṣìṣẹ́ yín bá jábọ́ tàbí tí nǹkan bàjẹ́ sí i, ẹ̀yin ni wọ́n máa wò.

Bẹ́ẹ̀dì mi àti aṣọ mi ti bàjẹ́, ṣé kí n fi sí i?

Nínú lẹ́tà àkọ́kọ́, gbólóhùn kan péré: "omi ti ba bẹ́ẹ̀dì àti aṣọ mélòó kan jẹ́, mo ti ya fọ́tò wọn." Ẹ má tíì béèrè owó. Tẹ́ ẹ bá da owó ẹrù pọ̀ mọ́ àtúnṣe, onílé á bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé tóun bá tún òrùlé ṣe, òun ti gbà pé òun jẹ̀bi ẹrù nìyẹn, á sì máa fà á nílẹ̀.

Tí òrùlé bá ti dáa, ẹ kọ lẹ́tà ọ̀tọ̀ fún ẹrù. Ẹ to ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìgbà tẹ́ ẹ rà á, ọjọ́ tó bàjẹ́, ríṣíìtì tó bá wà. Èyí tó bàjẹ́ lẹ́yìn tí lẹ́tà àkọ́kọ́ ti dé ọwọ́ onílé lẹ máa fi síwájú, torí òun lẹ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù lórí ẹ̀, èyí tó bàjẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ le díẹ̀ láti gbà.